Màmá ti Ṣikágò dé, oorun wọn ò tíì dé: mélòó nínú melatónìn, aago mélòó?

Ọmọ Ògo-Olúwa
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará Òṣogbo. Ìrànlọ́wọ́ ni mò ń wá, ẹ jọ̀ọ́. Màmá mi lọ bá àbúrò mi tọ́jú ọmọ tuntun ní Ṣikágò, wọ́n sì pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni wọ́n wọ Òṣogbo. Láti ìgbà yẹn, òru ti di ọ̀sán fún wọn. Ó máa ń tó aago mẹ́rin ìdájí kí wọ́n tó fojú ba oorun, bí a ò bá sì jí wọn, ó di aago méjìlá ọ̀sán. Bí a bá jí wọn ní aago méje, wọ́n á kàn jókòó sórí àga, wọ́n á máa tòògbé, oúnjẹ ò ní lọ lẹ́nu wọn. Tó bá di aago kan, wọ́n tún padà sùn títí ilẹ̀ á fi fẹ́ẹ̀ ṣú. Lóru, ẹ ó máa gbọ́ wọn nínú ilé ìdáná tí wọ́n ń fọ abọ́, tí wọ́n ń to ìkòkò.

Àbúrò mi kó melatónìn sí àpò wọn, irú èyí tó rí bíi súìtì rírọ̀, wọ́n kọ 10 mílígíráàmù sí i lára fún ẹyọ kan. Ohun tí àbúrò mi sọ fún wọn ni pé kí wọ́n jẹ ẹ́ nígbà tí oorun bá kọ̀. Nítorí náà, bí aago méjì òru bá lù tí ojú wọn ṣì là, wọ́n á jẹ ẹyọ kan. Oorun á gbé wọn lóòótọ́, àmọ́ tí wọ́n bá jí, orí wọn á wúwo, wọ́n á sì ní àwọn lá àlá kálá. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa, wọ́n sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ìbéèrè mi ò ju méjì lọ. Mélòó ló yẹ kí wọ́n máa lò? Aago mélòó sì ni?

Ìyá Ìbejì Òkè-Fìà

Ẹ kú ewu màmá o. Ẹ fọkàn balẹ̀, 10 yẹn ò pọ̀ jù. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti Lọ́ńdọ̀nù dé ni mo máa ń lo 10, mo lò ó lọ́jọ́ tí mo dé, ilẹ̀ mọ́, ara mi ti padà bọ̀ sípò. Ẹ kàn ṣáà má jẹ́ kó tó aago méjì òru kí ẹ tó fún wọn. Ẹ fún wọn ní aago mẹ́wàá. Bí 10 ò bá ran wọn, ẹ fi ẹyọ kan kún un. Àgbàlagbà ni wọ́n, oorun àgbà kì í yá.

Bàbá Àgbà Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun

Ọmọ mi, má fi oògùn oorun kọ́ ìyá rẹ. Mo mọ ọ̀rẹ́ mi kan tó bẹ̀rẹ̀ Lẹ́sótàn nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, títí di òní kò lè sùn láìlò ó. Ẹ̀ẹ̀kan ló bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá mi bi màmá bóyá wọ́n ń jẹ obì ní ìrọ̀lẹ́. Èmi mọ̀ pé bí mo bá jẹ obì lẹ́yìn ìrun Àsárì, mi ò ní sùn lóru ọjọ́ náà. Àwọn tó ti òkè òkun dé tún máa ń mu kọfí bí ẹni mu omi. Ẹ kọ́kọ́ gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó sọ̀rọ̀ oògùn.

Apoògùn Ayétòrò

Ẹ kú ìrìn màmá, ẹ̀yin Ọmọ Ògo-Olúwa. Bàbá Àgbà, ọ̀rọ̀ obì tí ẹ sọ yẹn, mo fọwọ́ sí i. Ohun tó wà nínú kọfí ló wà nínú obì, ó sì lè wà lára di òru. Àmọ́ melatónìn kì í ṣe ẹbí Lẹ́sótàn rárá. Lẹ́sótàn ń tẹ ọpọlọ mọ́lẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tó fi ń di bárakú. Melatónìn ní tirẹ̀, ara wa fúnra rẹ̀ ń ṣe é nínú ọpọlọ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Bí akéde ló rí: ó ń kéde fún gbogbo ara pé alẹ́ ti lẹ́, kì í ṣe òun ló ń fipá gbé èèyàn sùn. Ìdí nìyí tí àkókò tí a lò ó fi ṣe pàtàkì ju bó ṣe pọ̀ tó lọ.

Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Aago Lọ́ńdọ̀nù àti aago wa kò yàtọ̀ síra nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, bó bá sì di ìgbà òtútù, wákàtí kan péré ló wà láàárín wọn. Ẹni tó bá ti Lọ́ńdọ̀nù dé, àárẹ̀ ọkọ̀ ló ń ṣe é, bó bá sùn lóru kan ara á yá. Ti Ṣikágò yàtọ̀. Nísinsìnyí, wákàtí mẹ́fà la fi ṣáájú wọn. Bó bá di oṣù Kejìlá, á di méje.

Ẹ jẹ́ ká wo ara màmá dáadáa. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti máa sùn ní aago mẹ́wàá alẹ́ ní Ṣikágò, kí wọ́n sì máa jí ní mẹ́fà àárọ̀. Aago mẹ́wàá alẹ́ níbẹ̀ ni aago mẹ́rin ìdájí níbí. Aago mẹ́fà àárọ̀ níbẹ̀ ni aago méjìlá ọ̀sán níbí. Ẹ rí i pé wákàtí tí ẹ kọ síbẹ̀ gan-an nìyẹn. Oorun wọn kò bàjẹ́ o, ó ń lọ déédéé, Ṣikágò ló ṣì wà.

Ara máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í tú melatónìn tirẹ̀ jáde ní bíi wákàtí méjì kí èèyàn tó sùn. Ti màmá, ìyẹn bọ́ sí bíi aago méjì òru níbí. Nítorí náà, èyí tí wọ́n ń jẹ ní aago méjì òru, ohun tí ara wọn ti ń kéde tẹ́lẹ̀ ló tún ń kéde. Kò fa aago ara wọn bọ̀ sílé rárá. Bí wọ́n bá sì jẹ ẹ́ ní aago kan ọ̀sán kí wọ́n lè sùn, èyí burú jùyẹn lọ, nítorí aago méje àárọ̀ ni ara wọn wà nígbà náà. Ṣe ló máa tì wọ́n sẹ́yìn. Èyí tó máa fa ara wọn wá síhìn-ín ni kí wọ́n lò ó ní aago mẹ́wàá alẹ́ wa, nígbà tí ara ṣì rò pé aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni. Ìgbà yẹn ni ara á gbọ́ pé alẹ́ ti lẹ́ ṣáájú bó ṣe rò.

Ní ti iye, ìdajì mílígíráàmù sí 1 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Àkójọ ìwádìí kan tí ẹgbẹ́ Kọ́kréènì, àwọn tó máa ń yẹ ìwádìí ìṣègùn wò pọ̀, gbé jáde ní 2002 yẹ ìwádìí mẹ́wàá wò. Nínú mẹ́sàn-án, melatónìn tí wọ́n lò nígbà tí àkókò oorun ibi tí wọ́n dé bá tó dín wàhálà yìí kù fún àwọn tó la ilẹ̀ tó jìnnà kọjá. Ìdajì mílígíráàmù fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣiṣẹ́ tó 5, àfi pé oorun máa ń tètè gbé ẹni tó lo 5. Èyí tó bá ju 5 lọ, kò fi nǹkan kan kún un.

Kí wá ni 10 ń ṣe? Ara máa ń lo bíi ìdajì rẹ̀ tán láàárín bíi wákàtí kan. Ẹ kà á lọ: 10 ní aago méjì òru, á ku 5 ní mẹ́ta, á ku 2 ààbọ̀ ní mẹ́rin, á ku 1 àti díẹ̀ ní márùn-ún. Ilẹ̀ á mọ́, èyí tó kù lára á ṣì pọ̀ ju ìdajì mílígíráàmù lọ. Ara àgbàlagbà sì lè má tètè lò ó tán bẹ́ẹ̀. Orí wíwúwo tí wọ́n ń sọ, mo rò pé ibẹ̀ ló ti ń wá.

Ẹ bá mi béèrè nǹkan kan: kí lorúkọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń lò? Ṣé wọ́n sì ń lo oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn, bíi wáfárìn? Ẹ má tíì fún wọn ní nǹkan kan lálẹ́ òní kí ẹ tó dá mi lóhùn.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, nítorí náà mo mọ̀ nípa kí òru di ọ̀sán. Èmi ò fara mọ́ ìdajì mílígíráàmù yẹn. Mo ti gbìyànjú 1 rí, bí ẹni mu omi ló rí fún mi. 3 ni mo máa ń lò bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, màá ta kọ́tìnì, màá pa fóònù, oorun á gbé mi. Ẹ fún màmá ní 3.

Ohun kejì, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń tún aago ara ṣe ju oògùn lọ. Láti àárọ̀ ọ̀la, ẹ gbé màmá síta ní aago mẹ́fà ààbọ̀ bí oòrùn bá ṣe ń yọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọlé títí di mẹ́jọ. Bí ẹ bá ṣe èyí fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á padà di ará Òṣogbo.

Apoògùn Ayétòrò

Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ alẹ́. Òótọ́ ni pé ìmọ́lẹ̀ lágbára ju oògùn yìí lọ. Ìdí tí mo fi ń bẹ̀rù aago mẹ́fà ààbọ̀ tí ẹ dá nìyẹn.

Ìmọ́lẹ̀ kì í fa ara sí apá kan ṣoṣo. Wákàtí kan wà lóru tí ara máa ń tutù jù, bíi wákàtí méjì sí mẹ́ta kí èèyàn tó jí fúnra rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wọlé ṣáájú wákàtí yẹn ń ti oorun síwájú sí i, tí èèyàn á fi máa pẹ́ sùn sí i. Èyí tó bá wọlé lẹ́yìn rẹ̀ ló ń fa oorun wá kánkán. Màmá ń jí fúnra wọn ní aago méjìlá ọ̀sán. Wákàtí yẹn lára wọn á bọ́ sí bíi mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá àárọ̀. Bí ẹ bá gbé wọn síta ní mẹ́fà ààbọ̀, bíi aago kan òru ni ara wọn wà. Ẹ ó máa tì wọ́n padà sí Ṣikágò ni.

Ọ̀la, ẹ jẹ́ kí yàrá wọn ṣókùnkùn títí di aago mẹ́wàá. Bí wọ́n bá ní láti jáde ṣáájú, kí wọ́n wọ jígí dúdú. Láti mẹ́wàá, ẹ mú wọn jókòó síta, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé o, ìta gbangba ni, kí ó tó wákàtí kan, bí kò bá tilẹ̀ sí oòrùn tó ràn. Ọ̀túnla, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ kẹta, mẹ́jọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó máa fà á wálẹ̀ títí yóò fi dé wákàtí tí wọ́n ń jí tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó rìnrìn-àjò. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ṣì ń jí ní méjìlá lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ dúró lórí wákàtí tí ẹ wà, ẹ má sáré.

Nípa 3 tí ẹ ní: ẹ̀yin fẹ́ kí oorun gbé yín lójú ọ̀sán, nígbà tí ara yín kò fẹ́ sùn. Màmá fẹ́ kí aago ara wọn yí padà. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ yẹn yé mi, mo gbà. Tí 3 ni mi ò tíì gbà. Ẹni tí ojú rẹ̀ là kedere ní aago mẹ́wàá alẹ́, tí ẹ fún ní ìdajì mílígíráàmù, á kàn dùbúlẹ̀ máa wo àjà ni. Inú á bí i, á dìde lọ fọ abọ́, á sì tan gbogbo iná ilé ìdáná. Ṣé iná yẹn ò ní ba gbogbo rẹ̀ jẹ́?

Ọmọ Òṣogbo ní Torónto

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí mo ń wálé lọ́dọọdún. Láti Torónto, wákàtí márùn-ún ni nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo ti lo 5 rí, mo ti lo 1 rí. Bí mo bá lo 5, mo máa ń sùn kíákíá, àmọ́ mo máa ń jí ní aago kan òru, ojú mi á là gbòòrò, ọjọ́ kejì màá dà bí ẹni tó mutí. Bí mo bá lo 1, oorun kì í yá lálẹ́ àkọ́kọ́. Lálẹ́ kẹta, ó ti dára. Nítorí náà mo dúró sórí 1. Ẹni tó ní ìpàdé pàtàkì ní ọjọ́ kejì lè fẹ́ 3, mi ò ní bá a jà.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni pé bí mo bá jí lóru, mi ò ní fi òmíràn kún un. Ìgbà kan tí ẹ̀gbọ́n mi fi òmíràn kún un ní aago mẹ́ta òru, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè lọ sí ibi ìgbéyàwó tí a tìtorí rẹ̀ wálé. Mo máa ń dùbúlẹ̀ nínú òkùnkùn ni, kódà bí mi ò bá sùn. Bí ẹbí bá gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́nu fèrèsé, màá fi òwú dí etí.

Ìyá Àdùnní

Ẹ jọ̀ọ́, inú mi dùn pé ẹ ń sọ̀rọ̀ melatónìn. Ọmọ mi ọkùnrin, ọdún mẹ́ta, kì í sùn kó tó di aago méjìlá òru. Ṣé kí n gé súìtì yẹn sí méjì fún un?

Apoògùn Ayétòrò

Rárá o, Ìyá Àdùnní. Ẹ má fún un. Dókítà àwọn ọmọdé ló yẹ kó kọ́kọ́ rí ọmọ náà, kí ẹ sì wò bóyá ó ń sùn púpọ̀ jù lọ́sàn-án tàbí ó ń wo fóònù lálẹ́. Súìtì yẹn gan-an, èmi ò fẹ́ràn rẹ̀ nínú ilé tí ọmọ wà. Ọmọ ò mọ̀ pé oògùn ni, bó bá rí ìgò rẹ̀ á jẹ ẹ́ tán. Ọmọ Ògo-Olúwa, bí ọmọ bá wà nílé yín, ẹ gbé e sókè, kí ẹ tì í.

Ìdí mìíràn tí mi ò fi fẹ́ràn rẹ̀ tún wà. Ní 2023, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà yẹ irú súìtì yìí 25 wò. Nínú 22, iye tó wà nínú rẹ̀ kò bá èyí tí wọ́n kọ síta mu. Òmíràn tó ìlọ́po mẹ́ta iye náà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀kan kò tilẹ̀ ní melatónìn kankan nínú. 10 tí màmá ń jẹ yẹn, ó lè má jẹ́ 10.

Ọmọ Ògo-Olúwa
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sán

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Wọn kò lo wáfárìn. Orúkọ tó wà lára páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ni nífédípìn, ẹyọ kan lójúmọ́. Mo ti kó súìtì náà sínú dúróò, mo sì ti tì í. Obì, wọ́n ń jẹ ẹ́ o, Bàbá Àgbà. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń pa á. Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ní àwọn á máa jẹ ẹ́ láàárọ̀.

Mo lọ sí ilé oògùn kan ní Òkè-Fìà. Oríṣi méjì ni wọ́n kó síwájú mi. Ọ̀kan jẹ́ 3, oògùn oníhóró lásán. Èkejì jẹ́ 2, wọ́n ní díẹ̀díẹ̀ ló ń yọ́ nínú. Ẹni tó ń tajà ní èyí tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ ló dára jù torí pé á gbé wọn di àárọ̀. Mi ò tíì rà á.

Apoògùn Ayétòrò

Inú mi dùn pé ẹ kò tíì rà á. Èyí tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ kò ṣiṣẹ́ tó èyí tó ń tètè wọ ara fún ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò. Àkójọ tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan náà sọ bẹ́ẹ̀. Akéde gbọ́dọ̀ kéde kó sì dákẹ́. Bó bá ń kéde títí di àárọ̀, ara ò ní mọ ìgbà tí alẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bákan náà, èèyàn ò gbọ́dọ̀ gé irú rẹ̀ sí méjì, torí gígé yẹn ló ń ba bó ṣe ń yọ́ jẹ́.

Bí ẹ bá máa rà, 3 lásán ni kí ẹ rà, kí ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí rẹ̀. Ẹ fi abẹ tuntun gé e sí mẹ́rin. Ìdá kan á jẹ́ díẹ̀ lé ní ìdajì mílígíráàmù, ìyẹn sì ti tó. Kò pọn dandan kó dọ́gba rẹ́gí.

Àmọ́ nífédípìn yẹn dá mi dúró. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Ítálì, tí wọ́n gbé jáde ní 2000, lo àwọn tí nífédípìn ti ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wọn rọlẹ̀ dáadáa. Wọ́n fún wọn ní melatónìn 5 lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ̀jẹ̀ wọn gòkè: nọ́ńbà òkè fi bíi mẹ́fà gòkè, ti ìsàlẹ̀ fi bíi márùn-ún. Kò pọ̀ lójú, àmọ́ fún ẹni tó ti wà létí ibi tó léwu, ó tó nǹkan. 5 ni wọ́n lò níbẹ̀, fún oṣù kan gbáko. Ìdá kan nínú mẹ́rin ẹyọ 3 fún alẹ́ mélòó kan kì í ṣe ọ̀kan náà. Síbẹ̀ mi ò ní fọwọ́ ara mi sọ pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ pe dókítà tó kọ nífédípìn fún wọn, ẹ sọ iye àti iye ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lò ó. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá nífédípìn dúró nítorí melatónìn. Ìyẹn léwu jù.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, èmi á ní kí ẹ fi melatónìn sílẹ̀ pátápátá. Ìmọ́lẹ̀ nìkan á ṣe é. Kò ní yá tó bẹ́ẹ̀, bíi ọjọ́ kan fún wákàtí kan, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan. Àmọ́ kò sí ẹni tí ìta gbangba ba ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ jẹ́ rí.

Apoògùn Ayétòrò

Mi ò ní jiyàn. Ìmọ́lẹ̀ nìkan tó, bí ilé bá lè ní sùúrù. Ohun tí mò ń bẹ̀rù nínú ilé tí àgbàlagbà ti ń rìn lóru ni ṣíṣubú. Ilé ìdáná tútù, iná lè lọ, màmá ń tòògbé. Ìyẹn náà ní ewu tirẹ̀. Dókítà wọn ló lè wo méjèèjì pọ̀.

Bàbá Àgbà Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun

Ẹ ṣeun, Apoògùn. Èmi náà ń lo nífédípìn, kò sí ẹni tó sọ èyí fún mi rí. Ọmọ mi ló fi melatónìn ránṣẹ́ sí mi lọ́dún tó kọjá, mi ò sì tíì ṣí i. Màá mú un lọ fún dókítà mi kó rí i.

Ọmọ Ògo-Olúwa
Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí a bá a dé. Dókítà wọ́n ẹ̀jẹ̀ màmá, ó ní ó wà níbi tó yẹ. Ó ní kí a lo ìdá kan nínú mẹ́rin ẹyọ 3 yẹn, aago mẹ́wàá alẹ́, kó má ju alẹ́ mẹ́rin lọ, kí a máa wọn ẹ̀jẹ̀ wọn láàárọ̀ àti lálẹ́, kí a sì dá a dúró bó bá ń gòkè. Alẹ́ àkọ́kọ́, ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ ló ṣẹlẹ̀: wọ́n dùbúlẹ̀ títí di aago méjì kí wọ́n tó sùn. A ò fi kún un. A pa iná gbogbo ilé, a fi tọ́ọ̀ṣì kékeré kan sílẹ̀ lójú ọ̀nà ilé ìtọ̀, a sì ti ilé ìdáná. Láàárọ̀, a ò jí wọn kó tó di mẹ́wàá, lẹ́yìn náà wọ́n jókòó sábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú àwọn àlejò tó wá kí wọn káàbọ̀. Àwọn àlejò yẹn ṣe wá lóore, torí wọn ò jẹ́ kí wọ́n rí àyè sùn lọ́sàn-án.

Lánàá, wọ́n sùn ní bíi aago méjìlá òru. Láàárọ̀ òní, wọ́n jí fúnra wọn ní mẹ́jọ kọjá. Ẹ̀jẹ̀ wọn kò gòkè. Mi ò mọ èyí tó ṣe é nínú melatónìn, ìta, àti obì tí wọ́n fi sílẹ̀ nírọ̀lẹ́. Àlá kálá yẹn sì ti lọ.

Ìbéèrè kan ló kù. Ẹ̀gbọ́n mi ń lọ sí Ṣikágò lóṣù Kejìlá. Ṣé aago mẹ́wàá alẹ́ ibẹ̀ ni kí òun náà lò ó?

Ọmọ Òṣogbo ní Torónto

Bí mo bá ń padà sí Torónto, mi ò kì í lò ó. Ní aago mẹ́wàá alẹ́ ibẹ̀, oorun ti ń pa mí kú. Jíjí ní aago mẹ́ta òru ló máa ń dà mí láàmú.

Apoògùn Ayétòrò

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó ń lọ sí ìhà ìwọ̀ oòrùn, ṣe ló yẹ kí oorun rẹ̀ pẹ́ sí i, nítorí náà melatónìn lálẹ́ ò ní iṣẹ́ tó pọ̀ láti ṣe fún un. Kí ó wà nínú ìmọ́lẹ̀ ní ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ilẹ̀ á sì tètè ṣú ní Ṣikágò lóṣù Kejìlá, nítorí náà kí ó jẹ́ kí iná ilé mọ́lẹ̀ dáadáa títí di mẹ́sàn-án. Kí ó má sùn ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó. Bó bá jí lóru tí ilẹ̀ kò sì ní tètè mọ́, tó ṣì ní bíi wákàtí mẹ́rin láti sùn, ìgbà yẹn ló lè lo ìdajì mílígíráàmù. Kí ó má sì wa ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ṣé òun náà ń lo oògùn kankan?

Ọmọ Ògo-Olúwa

Oògùn àtọ̀gbẹ ni. Ẹ jẹ́ kí n bi í léèrè orúkọ rẹ̀, màá kọ ọ́ síbí lọ́la.